Ojú, Ọwọ́, Ẹsẹ̀: Lẹ́tà sí Ọmọ Àbúrò Mi Tó Ń Kọ́ Pírámárì Kìíní

Modákẹ́kẹ́,
Ilé-Ifẹ̀.

Ọmọ mi àtàtà,

Ìwé iṣẹ́ tí o fi rán dírẹ́bà sí mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó fọ́tòkọ́pì. Inú mi dùn pé abúlé Èkìtì yẹn ti ń mọ́ ọ lára, àti pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kì í sá ní ilé ìwé mọ́.

Ohun tí o bi mí ni mo fẹ́ dáhùn. O ní o to orúkọ ẹ̀yà ara mọ́kànlá ní Yorùbá sí apá òsì, o to Gẹ̀ẹ́sì wọn sí apá ọ̀tún, o sì ní kí àwọn ọmọ fa ìlà so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí o fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fọwọ́ kan imú wọn, àwọn kan fọwọ́ kan ẹnu, àwọn kan sì ń wo ẹnìkejì wọn kí wọ́n tó gbé ọwọ́. O wá ń rò ó bóyá Yorùbá inú ìwé náà ló ń fà wọ́n sẹ́yìn, bóyá kí o yọ ọ́ kúrò kó ku Gẹ̀ẹ́sì nìkan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé rẹ ṣe dámọ̀ràn.

Má yọ ọ́. Yorùbá kọ́ ló fà á. Ọ̀nà tí a gbà to ìwé náà ló fà á, àti irú ọ̀rọ̀ tí a dà pọ̀ sójú kan. Mo máa ṣàlàyé méjèèjì fún ọ. Nínú lẹ́tà yìí, mo máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń dún lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Nínú ìwé iṣẹ́ tìrẹ, ìwọ ni yóò kọ wọ́n bí Òyìnbó ṣe ń kọ wọ́n.

Wo ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe bí mọ́kànlá bá wà ní òsì tí mọ́kànlá sì wà ní ọ̀tún. Ó mọ mẹ́rin tàbí márùn-ún dájú, ó sì fa ìlà wọn. Ó ku mẹ́fà tàbí méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Bó ṣe ń fa ìlà lọ ni èyí tó ṣẹ́ kù ń dín kù, títí èyí tó kẹ́yìn fi máa bọ́ sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà ọmọ mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ méfò rárá. Ìwé ẹni tó jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń wò, nítorí ìlà tó dábùú bébà kò ṣòro láti rí. Ìwọ fún wọn ní máàkì tó pé, o sì gbà pé wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Mẹ́fà ni kí o fi sínú ìwé kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwòrán bá jẹ́ mẹ́fà, jẹ́ kí ìdáhùn tí wọ́n máa yàn nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, kí méjì ṣẹ́ kù láìní ẹnì kejì. Nígbà náà kò sí èyí tó máa bọ́ sí àyè fúnra rẹ̀. Ṣe irú ìwé náà ní oríṣi méjì, kí ètò tọ̀hún má bá ti èyí mu, kí ọmọ tó ń wo ẹ̀gbẹ́ má rí nǹkan kan kọ. Kí o sì ṣọ́ra fún àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì, bíi búrẹ́dì, bọ́ọ̀lù, bẹ́líìtì. Wọ́n dára fún kíkọ́ lẹ́tà, torí ọmọ ti mọ ohun náà, ó sì ti ń pè é súnmọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Ṣùgbọ́n bí o bá fi wọ́n sínú ìwé tí wọ́n ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, lẹ́tà B ló máa rí ní òsì, tó máa wá B lọ sí ọ̀tún. Ìyẹn kò fi hàn ọ́ pé ó mọ nǹkan kan.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù lọ nìyí. Nínú àwọn mọ́kànlá tí o tò, àwọn kan wà tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ gé ibi kan náà lára ènìyàn. Orí ni hẹ́ẹ̀dì, imú ni nóòsì, etí ni íà, ẹnu ni máùtì, ọrùn ni nẹ́ẹ̀kì, orúnkún ni níì. Ọmọ tó mọ imú ti mọ ohun tí nóòsì jẹ́. Orúkọ tuntun nìkan ló kù tó máa kọ́. Ṣùgbọ́n o tún da ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìka mọ́ wọn, àwọn wọ̀nyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ojú tí a fi ń ríran ni ojú, ojú tí a ń bọ̀ láàárọ̀ náà ni ojú. Gẹ̀ẹ́sì pe ti àkọ́kọ́ ní àì, ó pe ìkejì ní féèsì. Ọwọ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti èjìká títí dé orí ìka. Òyìnbó gé e ní ọrùn ọwọ́: ti ìsàlẹ̀ ni háńdì, ti òkè ni áàmù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀, fúùtù nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀gì lókè. Ìka ọwọ́ ni fíńgà, ìka ẹsẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, tóò. Lóòótọ́ a ní apá, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú lórí igi máńgòrò tí apá rẹ̀ sì dá, "ọwọ́ mi o" ló máa ké.

Ìwọ kọ ọwọ́ sí òsì, o kọ háńdì sí ọ̀tún. Ohun tí ọmọ gbà láti inú rẹ̀ ni pé ibi gbogbo tí ọwọ́ dé, ibẹ̀ ni háńdì dé. Kò ní fara hàn pé ó ṣì í mọ̀ ní Pírámárì Kìíní, torí kò tíì pàdé áàmù. Bó bá dé inú ìwé kíkà ní ọdún tó ń bọ̀, tó bá áàmù pàdé, ó máa rò pé nǹkan mìíràn ni, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ irinṣẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ̀ báyìí bóyá ó ti ṣì í mọ̀, má bi í pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́. Fi ìka rẹ kan ìgúnpá tìrẹ, kí o bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá háńdì nìyẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, o ti rí i.

Nítorí náà, pín àwọn mọ́kànlá rẹ sí méjì. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n ṣe déédéé ni ọ̀sẹ̀ kìíní. Ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìka di ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀lú irú ìwé mìíràn. Irun ní tirẹ̀, fà á jìnnà sí etí, torí lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà, pàápàá lẹ́nu ẹni tí kì í pe H jáde. Ọmọ tó gbọ́ méjèèjì ní ọjọ́ kan kò ní mú èyíkéyìí lọ sílé.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ kìíní ṣe máa lọ. Ní Mọ́ńdè, má pín bébà kankan. Sọ Yorùbá ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, fọwọ́ kàn án, kí àwọn náà fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, máa pe Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí o sì di ọwọ́ tìrẹ sẹ́yìn, kí wọ́n má lè wò ọ́ ṣe. Ọmọ tí kò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan dáadáa létí kò gbọ́dọ̀ rí i nínú ìwé, nítorí bó ṣe ń ka Yorùbá ló máa kà á: lẹ́tà tó bá rí ló máa pè. Gẹ̀ẹ́sì imú ní lẹ́tà E ní ìparí tí ẹnikẹ́ni kì í pè, Gẹ̀ẹ́sì orúnkún sì ní K ní iwájú tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Etí ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Ní Túsìdeè, ìwé kìíní. Àwòrán mẹ́fà, Yorùbá wọn lábẹ́ wọn, láìsí Gẹ̀ẹ́sì kankan lórí bébà náà. Ìwọ lo máa pe Gẹ̀ẹ́sì. O máa ní, "Oókan, nóòsì," wọ́n á kọ 1 sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán imú. "Eéjì, níì," wọ́n á kọ 2 sí ti orúnkún. Ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú rẹ̀ ló máa sọ fún ọ bóyá ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ya àwòrán náà kó má ṣini lọ́nà: bí o bá ya odindi orí nígbà tí o fẹ́ etí, fi ọfà tọ́ka sí etí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí lọmọ máa pè é, kò sì jẹ̀bi.

Ní Wẹ́sìdeè, ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lábẹ́ àwòrán. Kọ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà, kí Yorùbá kéré díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi pẹ́ńsù tọ Gẹ̀ẹ́sì náà lórí àwọn àmì tótòtó, wọ́n á sì máa pè é bí wọ́n ṣe ń tọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan tó pọ̀ láti sọ nípa èyí, ọwọ́ ló ń kọ́.

Ti Tọ́sìdeè ni mo fẹ́ràn jù. Fa bébà náà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwòrán ní òsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ní àárín kí wọ́n yí ọ̀kan po, Yorùbá ọ̀rọ̀ méjèèjì ní etí bébà ní ọ̀tún. Kí àwọn ọmọ ká etí bébà náà sẹ́yìn kí Yorùbá fara pamọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á yí i po, lẹ́yìn náà á ṣí i wò bóyá òun gbà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè ṣí i kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n kó fi pẹ́ńsù kan àmì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Sọ fún wọn dáadáa pé kò sí ìyà lórí ṣíṣí, máàkì kò sì ní dín. Bí wọ́n bá bẹ̀rù, wọ́n á ṣí i láìfi àmì sí i, ìwọ kò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá kó bébà jọ lálẹ́, àwọn àmì wọ̀nyẹn ni kí o kà kí o tó ka máàkì. Ọ̀rọ̀ tí àmì pọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì ń fẹ́ Yorùbá. Èyí tí ọmọ ti ṣe lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìṣí bébà, o lè yọ Yorùbá rẹ̀ kúrò.

Ìdáhùn mi sí ọ̀gá ilé ìwé rẹ nìyẹn. A kì í fi ọjọ́ tàbí táàmù yọ Yorùbá kúrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń yọ ọ́, bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Imú lè ti kúrò nínú ìwé kí orúnkún ṣì wà. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá sì dé ní Pírámárì Kẹta, Yorùbá á tún padà wá fún un.

Ní Fúráìdeè, gbólóhùn ni. Fi àlàfo sílẹ̀ nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkurú méjì tàbí mẹ́ta tó sọ pé mo ní imú kan, mo ní etí méjì. Ibẹ̀ ni wàá ti rí i pé àwọn ọmọ kọ íà níbi tó yẹ kó jẹ́ íàsì. Ní èdè wa, iye tí a dá ti tó: etí kan, etí méjì, etí kò yí padà. Kọ ìlà Yorùbá kan sókè bébà tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi lẹ́tà S sẹ́yìn ọ̀rọ̀ bó bá ju ẹyọ kan lọ. Má yọ máàkì lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, sàmì sí i nìkan.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ti ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìka, kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó kọjú sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Àlàyé ni Yorùbá máa ṣe níbẹ̀. Ya odindi ọwọ́ kan láti èjìká dé orí ìka, kí o fa ìlà sí ọrùn ọwọ́. Kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka ni háńdì, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ ni áàmù. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù aláwọ̀ pupa kun háńdì, kí wọ́n fi ti aláwọ̀ ewé kun áàmù, bí o ṣe ń pè wọ́n. Bí àwọ̀ pupa bá gun òkè kọjá ọrùn ọwọ́, o ti rí ẹni tó ṣì ń fi háńdì pe gbogbo ọwọ́, láìbi í ní ìbéèrè kankan. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀. Fún ojú, ya odindi féèsì kan kí wọ́n kun ún, kí wọ́n yí àì po nínú rẹ̀. Mẹ́rin péré ni, síbẹ̀ á gba odindi ọ̀sẹ̀. Jẹ́ kó gbà á.

Nípa máàkì: bí ọmọ bá kọ nosi sí abẹ́ àwòrán imú, má fa ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ náà, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó sì fi lẹ́tà tó mọ̀ kọ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó pé. Máàkì méjì ni kó máa wà, ọ̀kan fún ìtumọ̀, ọ̀kan fún bí a ṣe kọ ọ́, nítorí iṣẹ́ tí ìwọ máa ṣe lé wọn lórí kò jọ ara wọn. O kò lè wo àádọ́ta ọmọ dáadáa ní ọjọ́ kan. Pe márùn-ún lójúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ, kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí o bá pè. Láàárín ọjọ́ ilé ìwé mẹ́wàá, o ti gbọ́ ti gbogbo wọn.

Yorùbá inú ìwé rẹ, ta ló ni ín? Èkìtì lo wà. Àwọn ọmọ yẹn ń sọ ulé àti uṣu nílé, ìwé sì ń sọ ilé àti iṣu. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ti ilé wọn, kí o fi ti inú ìwé hàn wọ́n, kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ àwọn àgbẹ̀ Ìgbìrà bá wà láàárín wọn, Yorùbá gan-an jẹ́ èdè kejì fún un. Àwòrán ló máa gbé e, nítorí náà má ṣe ìwé kankan tí kò ní àwòrán ní Pírámárì Kìíní. Bi í bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, kí o jẹ́ kó kọ ọ́ sí etí bébà tirẹ̀.

Mo rí i pé fọ́tòkọ́pì ti jẹ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ gbogbo lórí bébà rẹ. Ohun tó kù fún ọrùn ni orun, èyí tó lè di ọ̀run, tó sì lè di ọrun tí ọdẹ ń ta. Ọwọ́ di owo, tí ọmọ lè kà sí owó. Ọmọ tó ń bá Yorùbá tí kò ṣeé kà jà kò ní ráyè fún Gẹ̀ẹ́sì. Kọ lẹ́tà náà gàdàgbà, fi bírò dúdú fi àmì sí i lórí èyí tí o fẹ́ dà kọ kí o tó gbé e lọ, kí o sì yẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

O tún béèrè pé kí ni ìjọba fẹ́ gan-an. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ìwé iṣẹ́ rẹ wúlò lábẹ́ méjèèjì, torí Yorùbá ni àwọn ọmọ náà gbé wọ kíláàsì. Mo sì ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti dán fífi èdè abínibí kọ́ni wò. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé Stéfánù Mímọ́ "A" níbí ní Modákẹ́kẹ́, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Sọ èyí fún ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí o sì sọ fún un pé olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pé Yorùbá nìkan kọ́ ló ṣe é.

Ti ìdáná ni kí o ṣe tẹ̀lé ti ẹ̀yà ara. Nínú ìkòkò, ọ̀bẹ, abọ́, omi, iyọ̀, ata, epo àti ọmọ odó, pín wọn fúnra rẹ kí o tó ya àwòrán. Abọ́ àti epo kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kìíní: Gẹ̀ẹ́sì ya abọ́ pẹrẹsẹ sọ́tọ̀ sí èyí tó jinú, epo pupa àti epo ọkọ̀ sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ odó, fi í sílẹ̀ pátápátá títí di Pírámárì Kejì. Fi ìwé Tọ́sìdeè ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó, kì í ṣe èyí tó mọ́. Àwọn àmì tí wọ́n fi pẹ́ńsù sí i ni mo fẹ́ rí.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ.